Oògùn Bakitéríà Inú Ìgò Tí Mo Lò fún Ọmọ Tòmátì: Ohun Tó Ṣe àti Ohun Tí Kò Ṣe

Kò sí ohun tó máa ń dùn mí nídìí tòmátì bíi kí n dé ibi tíréè lówùúrọ̀ kí n rí i pé àwọn ọmọ irúgbìn tó dúró ṣinṣin lánàá ti dùbúlẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ wò wọ́n, ewé wọn ṣì tutù, wọn ò rọ. Ìdí wọn, níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an, ló ti rí tín-ín-rín tó sì dúdú, bí ìgbà tí wọ́n fi òwú so ó pa. Àwọn kòkòrò àìrí bíi Pítíọ́mù àti Risokitóníà ló máa ń ṣe é, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Ìyà yìí ló mú mi ra oògùn bakitéríà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Omi aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ni, nínú ìgò lítà kan. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni pé oríṣi bakitéríà méjì ló wà nínú rẹ̀, Basílọ́ọ̀sì sutílìsì àti Sudomónáàsì fuloresẹ́nsì, pé mílílítà kan ní mílíọ̀nù 100 bakitéríà tó wà láàyè. Wọ́n ní iṣẹ́ méjì ni wọ́n máa ṣe: wọ́n á tú fọ́síféètì, oúnjẹ irúgbìn kan tó ti há sínú ilẹ̀, sílẹ̀ fún irúgbìn, wọ́n á sì gbógun ti àwọn tó ń jẹ gbòǹgbò. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ti fọ́síféètì. Ti gbòǹgbò wà nísàlẹ̀, ó kéré.

Kí n tó fi kan irúgbìn kankan, mo gbé ìgò náà lọ bá àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Ó fa mílílítà kan, ó dà á sínú mílílítà 9 omi tí kò ní kòkòrò, ó fa mílílítà kan nínú ìyẹn, ó tún dà á sínú 9 mìíràn, títí ó fi ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ìdámẹ́wàá mílílítà kan sórí àwo ágà, oúnjẹ bakitéríà tó dì. Bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí á rí nǹkan bí 100 ojú kéékèèké tó hù lórí àwo náà, torí ojú kan dúró fún bakitéríà kan tó bí sí i. A rí 62. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 62 nínú mílílítà kan. Kò pé, ṣùgbọ́n kò burú.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣí mi lójú. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí á gbé e sínú omi gbígbóná ìwọ̀n 80 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí á wá kà á." Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Basílọ́ọ̀sì lè ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan tí wọ́n ń pè ní sípọ́ọ̀, ooru yẹn kì í pa á. Sudomónáàsì kò ní èèpo bẹ́ẹ̀, yóò kú. Lẹ́yìn tí omi gbígbóná ti ṣe tán, a ka 58. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Basílọ́ọ̀sì nìkan ló wà láàyè nínú ìgò náà. A tún lo oúnjẹ àwo tó máa ń jẹ́ kí Sudomónáàsì yìí tan ìmọ́lẹ̀ bí ewé tútù lábẹ́ iná ọtirafáyólẹ́ẹ̀tì. A pa iná yàrá, a tan tiwa sí i, òkùnkùn ló wà níbẹ̀.

N kò fi ìyẹn pe ilé iṣẹ́ náà ní onírọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rọ Sudomónáàsì sínú ìgò lóòótọ́, kó sì kú sọ́nà. Inú òtútù ló yẹ kó máa wà, ìgò yìí sì ti jókòó nínú àpótí páálí láìsí fíríìjì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra méjì tó bá ọ̀kan nílé, ó yẹ kó mọ̀.

Mo wá ṣètò tíréè méjìlá, ihò 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kó erùpẹ̀ láti orí ebè kan náà tí ọmọ tòmátì ti kú sí lọ́pọ̀ yanturu lásìkò tó kọjá. Tíréè mẹ́ta kò gba nǹkan kan àfi omi. Mẹ́ta gba oògùn náà, mílílítà 10 nínú lítà omi kan, lọ́jọ́ tí mo gbin kóró àti lọ́jọ́ keje. Mo ti gbé omi náà kalẹ̀ sínú garawa tó ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí kiloríìnì inú rẹ̀ lè fò lọ. Mẹ́ta gba ajílẹ̀ fọ́síféètì tó ti yọ́. Mẹ́ta tó kù gba oògùn kan náà, àmọ́ mo ti kọ́kọ́ pa bakitéríà inú rẹ̀.

Tíréè òkú bakitéríà yìí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò fi sọ́kàn. Oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ bakitéríà wà nínú omi ìgò náà, irúgbìn sì lè jẹ nínú rẹ̀ kó tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá fi oògùn wé omi lásán kò ní mọ̀ bóyá bakitéríà ló ṣiṣẹ́ ni àbí oúnjẹ wọn. Èmi gan-an kọ́kọ́ ṣìṣe níbẹ̀. Mo sè é nínú ìkòkò lásán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo rò pé ó parí, àmọ́ nígbà tí àbúrò mi tẹ́ ẹ sórí àwo, wọ́n tún hù. Omi híhó lásán kì í pa sípọ́ọ̀ tán. Ìkòkò pírẹ́ṣà ni mo padà lò, ìgbà yẹn ni àwo mọ́ roro.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá mo ka òkú. Nínú 150 tó gba omi lásán, 47 ti dùbúlẹ̀. Àwọn tó gba òkú bakitéríà, 44. Àwọn tó gba fọ́síféètì, 49. Àwọn tó gba bakitéríà alààyè, 18. Mo tún wọn kà torí n kò gbà á gbọ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn oṣù kan, ìyàtọ̀ náà kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé. Gbòǹgbò máa ń tú ṣúgà àti àwọn nǹkan mìíràn jáde sínú ilẹ̀ tín-ín-rín tó lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí Lọ́rẹ́ńsì Hílítínà ará Jámánì sọ lórúkọ risosífíà ní 1904. Basílọ́ọ̀sì máa ń jí láti inú sípọ́ọ̀ rẹ̀, yóò sọ ara rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò máa jẹ ṣúgà yẹn, yóò sì máa tú àwọn èròjà bí itúrìn àti sọfakítìn sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí máa ń lu awọ ara ọ̀tá jo. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ débẹ̀ ṣáájú. Tíréè kan wà tí mo dà á sí lẹ́yìn tí ìdí àwọn ọmọ náà ti ń dúdú, kò gba ẹyọ kan là.

Ó tún ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí mo kó wọn lọ sóko, àwọn mélòó kan rọ lójijì lọ́sàn-án láìpọ́n, ewé wọn ṣì tutù. Mo gé ọ̀pá ọ̀kan, mo tì í bọ inú ife omi mímọ́ tó dúró jẹ́ẹ́, mo sì rí okùn funfun bíi wàrà tó ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú ibi tí mo gé. Àìsàn Rasitóníà nìyẹn, bakitéríà ló ń fà á, inú ọ̀nà omi irúgbìn ló ń gbé. Àwọn tó gba oògùn àti àwọn tí kò gbà ló mú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fọ́síféètì, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Mo fọ yanrìn títí kò fi sí oúnjẹ nínú rẹ̀, mo po òkúta fọ́síféètì lílọ̀ mọ́ ọn, mo sì ń fún gbogbo irúgbìn ní àwọn oúnjẹ yòókù lọ́gbọọgba. Bí bakitéríà bá ń tú òkúta náà, irúgbìn yóò fi hàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn tó gba fọ́síféètì tó ti yọ́ ti ga lé àwọn yòókù lórí. Àwọn tó gba bakitéríà alààyè àti àwọn tó gba òkú rẹ̀ rí bákan náà: wọ́n rán, ewé wọn dúdú jù, abẹ́ ewé sì ní àwọ̀ àlùkò, àmì ebi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìyẹn. Mo gbẹ wọ́n, mo wọ̀n wọ́n, n kò rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lórí àwo, bakitéríà kan náà tú fọ́síféètì. Àbúrò mi fi wọ́n sórí ágà funfun tó ní kálísíọ́mù fọ́síféètì nínú, àyíká tó mọ́ sì yọ yí wọn ká, bó tilẹ̀ tín-ín-rín. Àyẹ̀wò yẹn ti wà láti 1948, òun ni ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń fi ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ṣúgà tó pọ̀ rẹpẹtẹ wà lórí àwo, òun ni bakitéríà fi ń ṣe ásíìdì tó ń jẹ fọ́síféètì. Ṣúgà tí gbòǹgbò ń tú jáde kò tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa pa ásíìdì rọ. Èyí tó bá sì tú, bakitéríà á kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó ní ásíìdì púpọ̀, irin àti alumíníọ́mù ló di fọ́síféètì mú, kì í ṣe kálísíọ́mù, wọ́n sì le ju ti orí àwo lọ. Ó lè jẹ́ pé Sudomónáàsì tó kú ni ì bá ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, torí wọ́n mọ ásíìdì gulukónììkì ṣe gan-an. N kò lè dán òkú wò.

Nítorí náà, mo ṣì ń rà á fún tíréè nìkan, ọjọ́ tí mo bá gbin kóró ni mo ń dà á. N kò dín ajílẹ̀ fọ́síféètì mi kù nítorí rẹ̀. Ìgò kan wú nínú mẹ́ta tí mo rà, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo dá a padà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìjà.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, mo béèrè iye Sudomónáàsì tó ṣì máa wà láàyè lọ́jọ́ tí àkókò lílo oògùn náà yóò parí. Wọ́n fi iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti dá èsì padà pé kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn, mo sì fi fọ́tò àwo tó ṣókùnkùn náà sí i.