Gbèsè mẹ́rin, ₦60,000 lóṣù: ta ni ká kọ́kọ́ san tán?

Ìyá Ìbejì, tó ń ta àǹkárá ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà, fẹ́ gba fìríìsà láwìn kó lè fi omi tútù kún ọjà rẹ̀. Ó wá bá mi pé kí n bá òun bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa sọ̀rọ̀ nípa onídùúró, torí èmi ni akọ̀wé. Mo ní kó kọ́kọ́ ka gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ fún mi ná. Mẹ́rin ló kà. Kò ráyè tún dárúkọ fìríìsà lọ́jọ́ náà, ohun tí a fi ọjọ́ yẹn ṣe ni mo fẹ́ tò síbí fún ẹni tó bá ń gbèrò àtira nǹkan láwìn lórí gbèsè tó ti wà nílẹ̀.

Ẹni tó ń já aṣọ fún un ń retí ₦30,000. Kò sí èlé lórí ẹ, ₦5,000 ló máa ń gbà lóṣù. Ẹgbẹ́ wa ń retí ₦60,000. Èlé tiwa jẹ́ ₦1 lórí ₦100 lóṣù, ₦6,000 sì ni dandan oṣooṣù. Olówó èlé kan wà ládùúgbò wọn, irú èyí táwọn àgbà ń pè ní sọgúndogójì, tó yá a ní ₦90,000. ₦10 lórí ₦100 lóṣù lèlé tiẹ̀, kò sì gbà kó mú ohun tó dín sí ₦12,000 wá. Báńkì kékeré tó yá a ní ₦150,000 ń gba ₦4 lórí ₦100 lóṣù, ₦10,000 sì ni dandan tiwọn. Gbogbo èlé wọ̀nyí, orí èyí tó kù nílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí ẹ.

Gbèsè náà jẹ́ ₦330,000 lápapọ̀. Dandan oṣooṣù jẹ́ ₦33,000. Ìyá Ìbejì ní bí òun bá fún ara òun lọ́rùn, òun lè máa yọ ₦60,000 lóṣù. Nítorí náà, ₦27,000 tó lé yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ dá lé. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá kó san dandan, gbogbo wọn ló máa gba dandan tiwọn. Ta ni kó gbé ₦27,000 lé lọ́wọ́?

Ọ̀nà méjì làwọn olùmọ̀ owó máa ń dárúkọ, yìnyín ni wọ́n sì fi sọ méjèèjì lórúkọ lédè òyìnbó. Ọ̀kan ni yìnyín tó ń yí tó sì ń tóbi sí i bó ṣe ń lọ, èkejì sì ni òkìtì yìnyín tó ya lulẹ̀ láti orí òkè. Èmi ò tíì rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ n pè wọ́n ní *kékeré-ṣíwájú* àti *elélé-ṣíwájú*. Nínú kékeré-ṣíwájú, gbèsè tí ojú owó rẹ̀ kéré jù lẹ máa dojú kọ, láìwo èlé rárá. Nínú elélé-ṣíwájú, gbèsè tí èlé rẹ̀ wọ́n jù lẹ máa dojú kọ, láìwo bó ṣe tóbi tó. Nínú méjèèjì, bí ọ̀kan bá ti tán, gbogbo owó tó ń lọ síbẹ̀ á lọ pàdé èyí tó kàn. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: ẹni tó bá parí gbèsè kan tó sì ń fi ₦5,000 rẹ̀ ra ẹran kò tẹ̀ lé ọ̀nà kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká rin kékeré-ṣíwájú. Lóṣù kìíní, ₦30,000 lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń já aṣọ, ó sì tán. ₦2,000 tó kù di ti ẹgbẹ́. Lóṣù kejì, ẹgbẹ́ gba ₦38,000. Lóṣù kẹta, ẹgbẹ́ tán, ìyókù sì lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. Ní gbogbo àkókò yìí, olówó èlé ń ka ₦9,000 lóṣù kìíní, ₦8,700 lóṣù kejì, ₦8,370 lóṣù kẹta. Ẹ wò ó: Ìyá Ìbejì ń gbé ₦12,000 fún un, ojú owó kò sì ju ₦3,000 àti díẹ̀ lọ tó fi ń dín. Oṣù karùn-ún ni ọkùnrin yẹn tó kúrò lọ́rùn rẹ̀, oṣù keje ni báńkì parí.

Ẹ wá wo elélé-ṣíwájú. Lóṣù kìíní, olówó èlé gba ₦39,000, gbèsè rẹ̀ sì já sí ₦60,000. Lóṣù kejì ó já sí ₦27,000. Lóṣù kẹta ó tán, èlé tó rí gbà lápapọ̀ kò ju ₦17,700 lọ. Lẹ́yìn náà ni báńkì ń gba ₦49,000 lóṣù, ó sì parí lóṣù kẹfà, oṣù kan náà tí ₦5,000 tó gbẹ̀yìn ti ẹni tó ń já aṣọ wọlé. Ẹgbẹ́ ló gbẹ̀yìn, lóṣù keje.

Oṣù keje ni méjèèjì parí, ohun tó ya Ìyá Ìbejì lẹ́nu nìyẹn. Ó rò pé ọ̀kan máa fi oṣù púpọ̀ yá ju èkejì lọ. Owó ni wọ́n fi yàtọ̀: ₦67,891 lèlé nínú kékeré-ṣíwájú, ₦48,224 nínú elélé-ṣíwájú. ₦19,667 ló wà láàárín wọn.

Bí ẹ bá dúró síbí, ẹ máa ní ọ̀rọ̀ ti tán, elélé-ṣíwájú ló borí. Èmi náà fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹni tó ń já aṣọ fún mi kì í gba èlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú ìsọ̀ mi ló máa ń wá jókòó sí." Ará Iléṣà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Àwọn bàbá wa tó ń kiri aṣọ láwìn láyé ọjọ́un ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáàló, ẹni tó ń lóṣòó títí tó fi máa gba owó rẹ̀. Oníbàárà tó bá rí i pé ẹnì kan lóṣòó ti alátajà, ìsọ̀ kejì ló máa yà sí. Gbèsè tí kò lélé yìí ń jẹ nínú ọjà rẹ̀, kò kàn sí nínú ìṣirò mi ni.

Nítorí náà a gbìyànjú ẹ̀kẹta: kó san ẹni tó ń já aṣọ tán lóṣù kìíní, kó fi ₦2,000 tó kù kún ti olówó èlé, kó wá yí sí elélé-ṣíwájú láti oṣù kejì lọ. Olówó èlé tán lóṣù kẹrin, báńkì lóṣù kẹfà, ẹgbẹ́ lóṣù keje.

| | Kékeré-ṣíwájú | Elélé-ṣíwájú | Ẹ̀kẹta |
|---|---|---|---|
| Oṣù tí ẹni àkọ́kọ́ kúrò lọ́rùn | 1 | 3 | 1 |
| Dandan tó kù lóṣù kejì | ₦28,000 | ₦33,000 | ₦28,000 |
| Oṣù tí olówó èlé tán | 5 | 3 | 4 |
| Ìsan tó gbẹ̀yìn, oṣù 7 | ₦37,891 | ₦18,224 | ₦25,583 |
| Èlé lápapọ̀ | ₦67,891 | ₦48,224 | ₦55,583 |

Ìlà kejì ṣe pàtàkì fún ọlọ́jà ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí oṣù kejì bá bọ́ sí àkókò tí ọjà kò yá, tí kò rí ₦60,000, ẹni tó yan elélé-ṣíwájú ṣì gbọ́dọ̀ wá ₦33,000. Àwọn méjì yòókù á wá ₦28,000. Lóṣù kẹrin ìyàtọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: ₦22,000 ni dandan nínú kékeré-ṣíwájú, ₦21,000 nínú elélé-ṣíwájú, torí ₦12,000 olówó èlé ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí fi ₦7,359 wọ́n ju elélé-ṣíwájú lọ. Iye tó ń san kí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ lè ṣófo nìyẹn. Lójú tèmi, kò wọ́n. Ẹni tí kò sí ẹni tó ń lóṣòó tì, elélé-ṣíwájú ni kó mú, kó má fi ₦19,667 ra ìdùnnú pé orúkọ méjì ti kúrò nínú ìwé.

Ó wá ku gbólóhùn tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé èlé ń dín bí gbèsè ṣe ń dín. Owó gbọ́múléláńtà tí wọ́n ń gbà káàkiri ọjà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n gbé ₦100,000 fún yín, kẹ́ ẹ sì máa san ₦20,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà. ₦120,000 nìyẹn. Wọ́n á ní ₦20 lórí ₦100 fún oṣù mẹ́fà lèlé, ẹ̀yin á pín in sí mẹ́fà, ẹ á ní kò tó ₦4 lóṣù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ń dá ojú owó padà láti oṣù kìíní, síbẹ̀ èlé ₦100,000 lẹ ń san títí dé òpin. Bí a bá kà á lórí èyí tó kù lọ́wọ́ yín gan-an, ó súnmọ́ ₦5.50 lórí ₦100 lóṣù.

Ohun tó máa ya ẹni tó ń ka iye yẹn lẹ́nu ni pé bó ṣe wọ́n tó yìí, ó lè má yẹ kẹ́ ẹ sáré san án. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san oṣù mẹ́ta, ẹ lọ bá wọn, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé, "Bí mo bá fẹ́ san tán lónìí, èló ni?" Bí wọ́n bá dáhùn pé ₦60,000, wọn ò yọ kọ́bọ̀. Ẹ padà sílé, kẹ́ ẹ máa san dandan wọn, kẹ́ ẹ gbé owó tó lé lọ síbi tí èlé ti ń dín. Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ dà bí aláìlélé láti ọjọ́ yẹn lọ, èlé rẹ̀ ti wọlé tán. Bí wọ́n bá dáhùn pé ₦54,000 tàbí kó tún dín díẹ̀, wọ́n yọ èlé, ó sì yẹ kó wà nípò tó yẹ ẹ́ nínú ìtò. Ohun kan péré ni mo máa fi kún un: níbi tí ẹgbẹ́ obìnrin bá ti ṣe onídùúró fún ara wọn, ẹ má fi dandan ọ̀sẹ̀ wọn ṣeré nítorí elélé kankan, orí àwọn yòókù ni yóò já lé.

Ẹ bi olówó èlé náà bákan náà. Àwọn kan wà tí kì í gba ojú owó ní díẹ̀díẹ̀: èlé ni wọ́n máa ń gbà lóṣooṣù, wọ́n á ní ojú owó gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti Ìyá Ìbejì ni, á máa san ₦9,000, á máa kó ₦30,000 jọ, oṣù kẹta ni ₦90,000 máa tó pé. Èlé rẹ̀ á di ₦27,000 dípò ₦17,700. Síbẹ̀ ipò kìíní náà ló wà.

Ìyá Ìbejì mú ẹ̀kẹta. Kó tó lọ, mo ní kó má kàn gbé ₦30,000 lé ẹni tó ń já aṣọ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ bi í pé, "Bí mo bá kó o fún yín lódindi lónìí, kí lẹ máa yọ fún mi?" Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. ₦3,000 lọ́kùnrin náà yọ. A tún ìwé náà kà: a fi ₦3,000 yẹn kún ti olówó èlé lóṣù kìíní náà, ₦7,359 sì já sí nǹkan bíi ₦3,000. Ó bi mí nípa fìríìsà. Mo ní kó padà wá lóṣù kẹjọ.