Pípa irun tàbí aṣọ ẹnìkan dà nínú fọ́tò mọ̀lẹ́bí: irinṣẹ́ mẹ́ta tí mo ti lò, àti èyí tó jẹ owó mi

Òkè-Fíà ní Òṣogbo níbí ni mo ti ya fọ́tò tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Màmá kan pé ọdún 80. Àwọn ọmọ, ọkọ-ọmọ àti ìyàwó-ọmọ yí i ká, gbogbo wọn jẹ́ 11 pẹ̀lú màmá fúnra wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n wọ̀, bátànì Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Mápó sí. Ẹnìkan ṣoṣo ló yàtọ̀: àbígbẹ̀yìn obìnrin tó ti Èkó dé nígbà tí a ti tò tán, tó wọ léèsì funfun, tó sì dé wíìgì pupa fòò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá, ẹ má dá a lóhùn. Tí ẹ bá délé, ẹ bá wa fi àdìrẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ irun yẹn di dúdú."

Irú iṣẹ́ yìí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa báyìí, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn ra. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkínní ni áàpù orí fóònù tí ẹ ó gbé fọ́tò sí, tí ẹ ó kọ ohun tí ẹ fẹ́, tí yóò sì tún gbogbo fọ́tò yà fún yín. Èkejì ni `Generative Fill` tó wà nínú Photoshop láti ọdún 2023: ẹ ó kọ́kọ́ fi ààlà yí ibi tí ẹ fẹ́ kó fọwọ́ kàn ká. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ ara yín: ẹ gé aṣọ lára ẹlòmíràn nínú GIMP tàbí Photopea, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹni tí ẹ fẹ́. Èkejì ni mò ń sanwó rẹ̀ títí di òní. Èkínní ló jẹ owó mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ní ti ìyára, áàpù ló gbégbá orókè, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni GIMP àti Photopea, owó Photoshop sì ń lọ lóṣooṣù, ẹ lò ó tàbí ẹ kò lò ó. Ní ti dátà, áàpù àti `Generative Fill` kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí pé orí kọ̀ǹpútà wọn lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀. GIMP kò bìkítà. Ó parí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa kí ẹ tó fi káàdì yín sílẹ̀ ni èyí: àwọn tí ẹ kò ní kó pa dà ńkọ́?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé fọ́tò sínú áàpù. Ó fi àdìrẹ wọ ọmọ náà, ó sọ irun rẹ̀ di dúdú, ó dán gbinrin lójú fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìnṣì 24 sí 16, mo fi gíláàsì sí i, mo gbé e lọ. Àkọ́bí wọn wò ó títí. Ó ní, "Ta lẹ fi sípò màmá wa?" Mo wò ó. Pélé màmá kò sí mọ́. Mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì, gbogbo rẹ̀ ti pòórá, ojú wá jọ̀lọ̀ bí ojú ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni a rí i pé ẹnu ọkọ-ọmọ kan náà ti wọ́.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Fọ́tò mi fẹ̀ tó píksẹ́lì 6000, ojú màmá nínú rẹ̀ sì fẹ̀ tó 260. Ilà pélé kan kò ju píksẹ́lì 5 tàbí 6 lọ. Áàpù yẹn sọ gbogbo fọ́tò di 1024 kó tó ṣe ohunkóhun, ni ojú màmá bá di 44, ilà pélé di ẹyọ kan. Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán, irú Stable Diffusion, kì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ́lì gan-an. Wọ́n á ká fọ́tò kéré, píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró á di ẹyọ kan, wọ́n á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á wá tú u padà. Ojú 44 nìyẹn tó kù bí ẹyọ 5 àti ààbọ̀. Nínú ẹyọ 5, níbo ni ilà mẹ́ta fẹ́ dúró sí? Nígbà tí ẹ̀rọ ń tú u padà, ojú tó mọ̀ ló yà síbẹ̀, kì í ṣe ojú tó rí. Bí èèyàn bá ṣe pọ̀ nínú fọ́tò tó ni ojú kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i, tí jàǹbá sì ń pọ̀ sí i. Fọ́tò ènìyàn méjì lè la á já. Ti 11 kò lè là á.

Ojú lásán kì í tètè rí i, pàápàá lórí fóònù. Ẹ̀rí tí kì í parọ́ wà. Ẹ ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ nínú GIMP tàbí Photopea, ẹ gbé èyí tí irinṣẹ́ náà ṣe lé e lórí, kí ìwọ̀n méjèèjì bára mu, kí ẹ wá yí ipò èyí tó wà lókè padà sí `Difference`. Ibi tí fọ́tò méjèèjì bá ti jẹ́ ọ̀kan náà yóò dúdú kirikiri. Ibi tí ohun kan bá ti yí padà yóò tàn. Tí ẹ bá rí eruku wínníwínní káàkiri, JPEG tí ẹ tún fi pamọ́ ló fà á, kò léwu. Àmọ́ tí ẹ bá rí ìlà ojú, ìlà ètè àti imú àwọn tí ẹ kò fọwọ́ kàn, ẹ sá. Nígbà tí mo dán tèmi wò, gbogbo ojú 11 ló yọ nínú òkùnkùn bí iwin.

Ẹnìkan yóò ní kí n kàn gé àbígbẹ̀yìn nìkan jáde nínú èyí tí áàpù ṣe, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò àkọ́kọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀. 1024 tí a fẹ̀ padà sí 6000 ni. Ó rí bàìbàì láàárín àwọn mẹ́wàá tí ojú wọn mú, áàpù sì ti da àwọ̀ òfeefèé díẹ̀ sí gbogbo fọ́tò. Bí àlejò ló rí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń san owó èkejì. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ààlà tí ẹ fi `Lasso` yà, kò kàn án. Orí ìpele tirẹ̀ ló máa ń fi iṣẹ́ sí, fọ́tò àkọ́kọ́ wà lábẹ́ láìyingin. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, òun náà kì í yà ju 1024 sí 1024 lọ lẹ́ẹ̀kan, tí ibi tí ẹ yàn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fà á fẹ̀, á sì rí bàìbàì. Mo ṣì ń fi ìwọ̀n yẹn ṣọ́ra títí di òní: mo yan bùbá nìkan, bíi 750 sí 900, mo parí rẹ̀, kí n tó kan ìró.

Ẹ má sì rò pé ó mọ gbogbo nǹkan o. Bátànì àdìrẹ tó mú wá jọ àdìrẹ ni lókèèrè. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, kò sí òpó Mápó kankan, ọ̀nà tí ejò gbà ni. Èsì mẹ́ta ló máa ń fúnni lẹ́ẹ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló parọ́. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ, ta lẹ fẹ́ tàn? Ibi tí ọ̀nà kẹta ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà dúró tì í, ara wọn bára mu, èjìká wọn kọ sí ibì kan náà. Mo gé bùbá rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àbúrò, mo fi `Layer Mask` nu etí rẹ̀, mo wá ní kí `Generative Fill` ṣe ọrùn aṣọ àti ibi tí apá ti pàdé ara nìkan. Ẹ má ṣe yí aṣọ náà láti ọ̀tún sí òsì kó lè bá ara mu; oòrùn inú fọ́tò wa láti òsì ló ti ń bọ̀, òjìji aṣọ náà yóò sì kọjú sí ibòmíràn.

Ohun tó gbà mí ní alẹ́ odindi lẹ́yìn ìyẹn ni àgbọ̀n rẹ̀. Aṣọ bára mu, síbẹ̀ ó dà bíi pé wọ́n fi orí ẹlòmíràn sí i. Léèsì funfun ló fà á. Aṣọ funfun máa ń da ìmọ́lẹ̀ sókè sábẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, àdìrẹ aláró kì í dà á. Àwọn tó kù ní òjìji lábẹ́ àgbọ̀n, òun nìkan ló ń tàn. Mo fi `Curves` ṣú u díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu. Kò sí irinṣẹ́ kankan tó ṣe ìyẹn fún mi, ojú ló ṣe é.

Irun rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ààlà yín gba àyè díẹ̀ kọjá irun sẹ́yìn, kí ó má sì wọ iwájú orí rárá, torí ibẹ̀ ni ojú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Mo kọ `black cornrows`, ó jáde dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Pupa wíìgì ṣì wà lára ọrùn àti èjìká bí àmì epo. Ẹ dín àwọ̀ pupa kù níbẹ̀ nìkan. Irun tuntun sì máa ń mọ́ ju àwọn tó kù lọ, ẹ wọ́n `Add Noise` díẹ̀ sí i.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi láìṣègbè. Tí fọ́tò yín kò bá kọjá orí wáásáàpù, tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju méjì lọ, áàpù tó o. Tí ẹ kò bá fẹ́ náwó, tí ẹ sì ní sùúrù, GIMP yóò ṣe é, etí irun nìkan ni yóò dá yín lágara. Tí ẹ bá ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sórí férémù, ẹ ra èyí tó mọ ààlà, kí ẹ sì lo ọwọ́ yín pẹ̀lú rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ fi fọ́tò ènìyàn mẹ́wàá dán an wò, ẹ fi `Difference` yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó di pé owó kúrò lọ́wọ́.

Férémù kejì, àpò mi ló ti jáde. Nígbà tí mo gbé e dé, màmá ní kí wọ́n mú un sún mọ́ òun. Wọ́n fi ìka ka pélé wọn, mẹ́ta, mẹ́ta. Wọ́n wá gbé ìka lọ sórí àbígbẹ̀yìn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Eléyìí, ìgbà wo ló ra àdìrẹ?"