Ẹ̀rọ ìpaná CO2 oníkílò márùn-ún: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọpì mi ní Lagere

Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀rọ ìpaná CO2 oníkílò márùn-ún ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Lagere, n'Ílé-Ifẹ̀. Fọ́tókọpì, ìwé títẹ̀ àti ìwé dídì ni iṣẹ́ mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Mo ti fi ẹ̀rọ yìí pa iná lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti gbé e lọ fún àtúnrọ lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó sọ bó ṣe ṣe sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tí mo ní ṣáájú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ oníkílò mẹ́fà. Pupa ni láti òkè délẹ̀, àmọ́ wọ́n fi ọ̀dà búlúù yí i lọ́rùn bíi bẹ́líìtì. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí búlúù yẹn dúró fún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ figbe ta: "Àǹtí, èéfín ń jáde lẹ́yìn maṣíìnì ńlá o!" Kí n tó dé ìdí rẹ̀, iná ti ń yọ ahọ́n. Mo pa ṣíwíṣì ńlá tó ń gbé iná wọlé, mo fa píìnì, mo tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Iná ọ̀hún kú kí èèyàn tó ka eéní dé àrún.

Ìgbà tí iná kú tán ni wàhálà dé. Páúdà funfun bo gbogbo yàrá, a ń wúkọ́, a kò rí ara wa mọ́. Ó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó wọ inú pírńtà, ó wọ abẹ́ bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀. Oníṣẹ́ tó wá tún wọn ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a fún odindi ọjọ́ méjì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án rárá o. Bí páúdà yìí bá fi lè rí ọ̀rinrin, jíjẹ ló máa jẹ irin." Bó ṣe wí ló rí. Páúdà tí wọ́n kọ ABC sí lára, iyọ̀ amóníọ́mù fọ́síféètì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí ọ̀rinrin bá sì ti dé bá a, ó ń kan bí ásíìdì, ó sì ń jẹ kọ́pà àti irin. Àsìkò òjò la wà nígbà náà. Maṣíìnì kan ṣoṣo ni iná jó, àmọ́ mẹ́ta ni mo pàdánù.

N kò sọ pé páúdà kò dára o. Òun ló ń pa oríṣi iná tó pọ̀ jù: bébà àti igi, bẹntiróò, gáàsì, kódà èyí tí iná mànàmáná bá dá sílẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ mi lẹ́yìnkùlé títí dòní, mi ò sì ní pààrọ̀ rẹ̀, torí níta gbangba, páúdà ni mo fọkàn tán fún bẹntiróò tó bá gbiná. Inú yàrá tó kún fún kọ̀ǹpútà ni kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wá CO2, torí gáàsì ló ń fọ́n, kì í fi eruku sílẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta irinṣẹ́ ààbò gbé ọ̀kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Pupa ni, bẹ́líìtì dúdú wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì kọ CO2 gàdàgbà sí iwájú. Dúdú ni àwọ̀ CO2 lóòótọ́, nítorí náà ojú mi kọ́kọ́ gbà á. Àmọ́ bí mo ṣe ń wò ó, mo rí gééjì kékeré kan lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí àwọ̀ ewé. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ọn, ẹnu rọ́bà náà kò sì ju ìka àtàǹpàkò lọ. Ara fu mí. Oníṣẹ́ tó gbá páúdà fún mi ti sọ fún mi pé CO2 kì í ní gééjì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Gáàsì inú CO2, wọ́n fún un mọ́ra títí tó fi di olómi. Níwọ̀n ìgbà tí olómi bá ṣì kù níbẹ̀, bí ó ti wù kó kéré mọ, agbára tó fi ń ti ara ìgò kò yí padà; ooru tàbí òtútù ojú ọjọ́ nìkan ló ń gbé e sókè sódò. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti jò lọ, ohun kan náà ni gééjì yóò máa sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́. Páúdà, fóòmù àti olómi ni gééjì wúlò fún, torí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ sínú wọn ló ń tì wọ́n jáde.

Ohun kejì ni ẹnu rẹ̀. CO2 tòótọ́ máa ń ní ẹnu dúdú fẹ̀ǹgẹ̀ bí ẹnu kàkàkí. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí gáàsì náà lè rí àyè tàn ká, kó má sì tú yàà kó fẹ́ ohun tó ń jó káàkiri. Kò sí bí ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mo wá fi èékánná tú etí lébẹ̀lì náà lójú ọkùnrin yìí. Búlúù ló yọ lábẹ́ dúdú, ABC sì wà lára lébẹ̀lì àtijọ́ tí wọ́n lẹ èyí mọ́. Páúdà ni! Ó ní bí wọ́n ṣe tà á fún òun nìyẹn. Mo ní kó máa gbé e lọ. Inú ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí, torí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lè ti ra irú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ mọ ẹ̀rọ ìpaná, ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà gééjì, kí n tó wá wo àwọ̀ àti lébẹ̀lì. Àtẹnu àti gééjì kò rọrùn láti pa lójú dà. Ọ̀dà àti bébà rọrùn. Àwọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń dani láàmú. Àwọn tokunbọ̀ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ara wọn ni wọ́n kùn: búlúù fún páúdà, dúdú fún CO2, kíríìmù fún fóòmù. Láti nǹkan bí ọdún 1997 ni wọ́n ti ń kun gbogbo wọn ní pupa, tí àwọ̀ wá ku bẹ́líìtì tàbí lébẹ̀lì lásán. Èyí tó bá pupa láìní bẹ́líìtì kankan, omi ni lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ohunkóhun ló lè wà nínú rẹ̀.

Lẹ́tà náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. A ni ti bébà, igi àti aṣọ, B ni ti bẹntiróò àti epo ọkọ̀, ibi gbogbo ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n C lára lébẹ̀lì ilẹ̀ Yúróòpù, iná gáàsì ló ń sọ. Lára lébẹ̀lì Amẹ́ríkà, iná ohun èlò mànàmáná ló ń sọ. Irú méjèèjì ló wà lọ́jà wa. Ẹ wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà: bí ó bá jẹ́ páìpù gáàsì ni, tàbí wáyà àti pílọ́ọ̀gù.

Ìbàdàn ni mo ti ra èyí tí mo ń lò báyìí. Ẹnu kàkàkí wà, gééjì kò sí, ìgò rẹ̀ sì nípọn débi pé bí ẹ bá gbé e, ẹ ó mọ̀ pé irin ni ẹ gbé. Lára lébẹ̀lì, wọ́n kọ ìwúwo rẹ̀ pátá: kílò 15.1. Márùn-ún nínú rẹ̀ ni gáàsì. Òfin àwọn oníṣẹ́ ni pé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gáàsì bá ti lọ, kí wọ́n tún un rọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá márùn-ún jẹ́ ìdajì kílò, nítorí náà, bí tèmi bá ti wọn kílò 14.6 tàbí kó dín, ó ti tó gbé lọ nìyẹn. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ní òdìkejì títì ló ń yá mi ní òṣùwọ̀n ńlá rẹ̀. Lọ́dún kejì, ó wọn 14.5, bẹ́ẹ̀ ni n kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀ ní ọrùn. Wọ́n pààrọ̀ fáàfù, wọ́n sì rọ ọ́. Ká ní gééjì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, n kì bá tí mọ̀.

Iná tí mo fi ẹ̀rọ yìí pa bẹ́ sílẹ̀ lára sítébíláísà tó wà lábẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí bébà. Mo pa ṣíwíṣì ńlá, mo dúró bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó hó gèè bí ọkọ̀ òfurufú, ìkùukùu funfun yọ, yìnyín tín-ín-rín sì bo ẹnu kàkàkí náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe di ẹnu yẹn mú bí ẹ bá ń fọ́n ọn, àfi ọwọ́ tó wà fún un, torí òtútù rẹ̀ lè bó awọ ọwọ́. Ọwọ́ iná wálẹ̀, ó kú. Kò sí eruku kan. Àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Àmọ́ lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú kan, páálí bébà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú. CO2 ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lórí iná ni, kì í tu ohun tó ti gbóná nínú, ẹ̀yinná sì ti wà láàárín bébà. Ṣíwíṣì ti wà ní pípa, nítorí náà mo da bókẹ́ẹ̀tì omi kan lé e. Nígbà yẹn ni mo rí i pé mímí ń ṣòro fún mi, orí mi ń fò. Yàrá mi kéré, gáàsì náà ti lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò níbẹ̀. Mo sáré jáde, mo ṣí gbogbo fèrèsé, a kò sì wọlé fún bí ìdajì wákàtí.

Àǹtí tó ń din àkàrà nítòsí bi mí bóyá òun lè wá yá a bí epo òun bá gbiná. Mo ní rárá o. Atẹ́gùn rẹ̀ lè ta epo gbígbóná síta, bí ó bá sì kú, ooru epo náà yóò tún un dá. Ẹ̀rọ tó wà fún epo ìdáná ní bẹ́líìtì yẹ́lò àti ọ̀pá gígùn lẹ́nu, tó ń rọ olómi rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sórí epo. N kò tíì rí ọ̀kan rà ní Ifẹ̀. Ó ra ọmọrí irin tó bo agbada rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Bí mo bá máa fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Máàkì kan tó kù wà nínú ìwúwo rẹ̀: ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbìyànjú láti gbé e kúrò lára ìkọ́ ògiri, kò lè gbé e. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀, mo sì ra oníkílò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fún un.