Pọ́ǹpù ń dún, omi ò gòkè: àgbéyẹ̀wò mi lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mẹ́rin

Díẹ̀ ló kù kí n ba pọ́ǹpù yìí lórúkọ jẹ́ láìmọ̀dí. Pọ́ǹpù inú kànga dẹ̀rọ ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní sùmó, họ́ọ̀sì-páwà 1. Ọdún kan gbáko ló fi ṣiṣẹ́ tí n kò ráhùn rí. Táǹkì orí òrùlé wa ń gba 2,000 lítà, ó sì tó mítà 9 sí ilẹ̀. Tí a bá tan pọ́ǹpù, kí ìṣẹ́jú 45 tó pé, táǹkì ti kún.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Wákàtí kan di méjì, méjì di márùn-ún. Pọ́ǹpù ò sì dákẹ́ o. Ó ń dún bó ṣe máa ń dún, iná àpótí rẹ̀ ń tàn, owó iná sì ń lọ. Àmọ́ tí mo bá gun òrùlé lọ wo ẹnu páìpù, omi tó ń jáde níbẹ̀ ò ju ìtọ̀ ọmọdé lọ.

Ọmọkùnrin tí mo kọ́kọ́ pè ò tiẹ̀ yà síbi kànga. Ó ṣí àpótí, ó pààrọ̀ kapásítọ̀, ó gbowó, ó lọ. Omi ò yí padà. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé tí kapásítọ̀ bá kú, mọ́tò kì í sábà lè gbéra rárá, á kàn máa kùn ni. Tèmi ń gbéra, ó sì ń yí. Nígbà tí mo pè é padà, ó ní, "Màmá, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ lọ ra tuntun." Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ rà á.

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kànga ni aládùúgbò wa bá mi pè. Kò bèèrè ohun èlò kankan lọ́wọ́ mi ju garawa 20 lítà lọ. Ó kọ́kọ́ wọn iná nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ó bá a ní 220 fólítì, ó ní kí a fi iná sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé garawa gun òrùlé, kí n sì máa fi fóònù ka àsìkò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni garawa fi kún. Ó wá tú páìpù lẹ́nu kànga, nílẹ̀, ó gbé garawa kan náà sábẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 45 péré.

Ó ní, "Ẹ rí i? Omi wà nínú kànga. Agbára tí yóò gbé e gòkè ni kò sí." Tó bá jẹ́ pé omi kànga ló ń gbẹ, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ á dára, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ omi á wá máa tu atẹ́gùn jáde. Tèmi kéré bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá sì jẹ́ pé páìpù tó lọ sórí òrùlé ló dí, omi ẹnu kànga ò bá máa ya bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 45 yẹn ṣì pẹ́ jù fún pọ́ǹpù tó ti ń fi bíi 27 kún garawa lórí òrùlé nígbà tó wà pa.

Ohun méjì ló kù: bóyá iyanrìn ti jẹ abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù bí ọmọkùnrin yẹn ṣe sọ, tàbí kí páìpù tó so pọ́ǹpù rọ̀ sínú kànga ti lu. Bàbá de géèjì tó ń wọn agbára omi mọ́ ẹnu kànga, ó ti fáàfù pa kí omi má ríbi gbà, ó tan pọ́ǹpù. Ìwé pọ́ǹpù sọ pé ó lè gbé omi dé mítà 70. Omi inú kànga wa sì wà ní mítà 30 sísàlẹ̀. Ó yẹ kí mítà 40 ṣẹ́ kù, ìyẹn nǹkan bíi báà 4 lójú géèjì. Báà 1.5 ló rí. Bó ṣe pa pọ́ǹpù báyìí, ọwọ́ géèjì já wálẹ̀ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjáwálẹ̀ yẹn ló mú un rẹ́rìn-ín. Abẹ̀bẹ̀ tó jẹ máa ń jẹ́ kí géèjì kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí pọ́ǹpù bá kú, fáàfù ìsàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi padà á di omi tó wà nínú páìpù mú. Tí omi bá sá lọ kíákíá bẹ́ẹ̀, yálà fáàfù yẹn ti bàjẹ́ tàbí ihò wà níbìkan. Ó tún tan pọ́ǹpù, ó yọ ìdérí kànga díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá tẹ́tí síbí." Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ òjò! Òjò gidi tó ń rọ̀ nínú kànga, tó ń lu ara páìpù ìta, tó tún ń ṣàn padà síbi tí a ti ń fà á. (Ó kìlọ̀ fún mi pé tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ omi ni ihò náà wà, etí ò ní gbọ́ nǹkan kan.)

Wọ́n pa iná níbi tó ti wọlé, àwọn mẹ́ta sì fa pọ́ǹpù jáde. Okùn àti páìpù ni wọ́n dì mú, kò sẹ́ni tó fa wáyà. Páìpù oní-mítà 3 ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìdí páìpù kẹta, ní nǹkan bíi mítà 9 sísàlẹ̀, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so páìpù méjì pọ̀ ti là lójú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ. Ojú ibi tó là náà gùn tó ìka mi, etí rẹ̀ sì ti dán nítorí omi tó ń gbá a. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ páìpù náà wò fún mi: gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá gbéra ló máa ń fún páìpù ní ìlọ́ kan báyìí, wọn ò sì fi ohun tó ń di pọ́ǹpù mú kó má ta gìrì sí i nígbà tí wọ́n ń rì í. Wọ́n pààrọ̀ páìpù méjì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n de rọ́bà ìdìmú náà sí òkè pọ́ǹpù, wọ́n dá a padà.

Nítorí náà, mo fún pọ́ǹpù ní 4 nínú 5, mo sì fún àwọn tó rì í ní 2. Mo yọ 1 lára pọ́ǹpù nítorí ìwé rẹ̀. Wọ́n kọ mítà 70 gàdàgbà síbẹ̀, wọ́n kọ 90 lítà ní ìṣẹ́jú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹ máa rí méjèèjì gbà pa pọ̀. Irọ́ ni. Ní mítà 70, omi ò ní jáde rárá. 90 lítà yẹn sì jẹ́ ti ìgbà tí kò bá sí gíga kankan láti gbé e dé. Lórí òrùlé tèmi, nǹkan bíi 44 lítà ní ìṣẹ́jú kan ni mo ń rí, ó sì tó mi.

Mo ṣì ń gbé garawa gun òrùlé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Ti oṣù yìí jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 28.