Alásè tó fẹ́ fi dòdò ba ọjọ́ ìbí ìyá wa jẹ́ ní Kàbà

Ọ̀rọ̀ agbada epo ló gbé mi dé ibí. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìbí ìyá wa, mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá ọmọbìnrin kan tó ń da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ pọfupọfu kúrò nínú ẹ̀. Orí mi gbóná. Mo ti sọ fún ọ̀gá wọn lórí fóònù pé ìyàwó àbúrò mi kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun tó ní àlìkámà. Ìfun rẹ̀ kì í gbà á, bíńtín lásán á dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà.”

Ìgbà tí mo figbe ta, alásè ní epo gbígbóná ti pa gbogbo ẹ̀. Kí ni epo fẹ́ pa? Àlìkámà kì í ṣe kòkòrò. Ẹ̀rún ìyẹ̀fun wà nísàlẹ̀ agbada níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa gbé e jáde. Ó tún ní òun á sẹ́ epo náà. Mo ní rárá. A fà á, ó dà bí ìjà ọjà, kí ó tó fi ìbínú gbé agbada mìíràn, ó fọ̀ ọ́, ó da epo tuntun sí i. Dòdò àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé ló jẹ ẹ́.

A ò tíì sinmi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ gbé mọ́ọ̀tì fún ìyàwó wa, ó ní kì í kúkú ṣe ọtí. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì, ìfun rẹ̀ ò sì mọ báálì yàtọ̀ sí àlìkámà. Sóbò ló padà mu.

Àmọ́ oúnjẹ náà, háà. Obìnrin yìí kan náà ló ti pè mí ṣáájú pé òun ka ẹ̀yìn páálí èròjà amọ́bẹ̀dùn tóun ń lò, òun rí àlìkámà níbẹ̀. Irú àti edé ló fi rọ́pò rẹ̀. Òun ló tún dá a lábàá pé ká yọ sẹ́mó kúrò, nítorí àlìkámà ni, ká fi iyán rọ́pò. Iyán ọ̀hún funfun, kò ní kókó kan. Ó gún un níbẹ̀, ó ń bù ú lóòru sórí ewé. Ẹ̀gúsí rẹ̀ ki láìsí ìyẹ̀fun, ó sì fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín. Jọ́lọ́ọ̀fù jóná díẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn gan-an ni àwọn àgbààgbà ń wá.

Àlejò bí ogójì ló jẹun nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ìyàwó wa. Kò sí abọ́ aláìsàn tá a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè sẹ́mó. Àwọn ará Ìyárà di iyán lọ sílé. Pọfupọfu nìkan la gbé sórí tábìlì tó jìnnà.

Inú ìyàwó wa ò run ún títí wọ́n fi padà sí Abújá.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, nítorí agbada yẹn. Ìkómọ tó ń bọ̀ nílé wa, mo ti san àsansílẹ̀ fún un.