Ájẹ́ńsì tó ń wáṣẹ́ fúnni ní Ìkẹjà: ohun tí mo rí nígbà tí mo béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ sọ nípa mi (ìràwọ̀ 3 nínú 5)

Ìràwọ̀ 3 ni mo fún wọn nínú 5. Èyí tí mo yọ kúrò kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ náà ò bọ́ sí mi lọ́wọ́, torí náà kí ẹ jọ̀ọ́ kà á tán. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ájẹ́ńsì tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ni wọ́n, àdúgbò Áléèn ní Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wọn wà, iṣẹ́ owó àti iṣẹ́ ẹrù èbúté ni wọ́n sì sábà máa ń ní. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbani ló ń sanwó fún wọn, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú owó tí ẹni tí wọ́n gbà máa gbà lọ́dún kan. Ájẹ́ńsì tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ yáa bá tiyín lọ.

Fíforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò nira, wọ́n máa ń gbé fóònù, arábìnrin tó gbé ọ̀rọ̀ mi dání sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn tó. Ohun tó wà lẹ́yìn íntáfíù ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàdánù nǹkan.

Iṣẹ́ akáúńtì ọ́físà ni, ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní èbúté. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe tipẹ́ nìyẹn: kí n sanwó fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun àti tẹ́mínà, kí n sì máa lépa owó ìdógò kọ̀ǹtẹ́nà. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, kí kọ̀ǹtẹ́nà tó kúrò ní èbúté, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun máa ń gba owó kan dání. Tí kọ̀ǹtẹ́nà bá ti padà lófìfo, wọ́n á dá owó náà padà, àyàfi ohun tí wọ́n bá yọ níbẹ̀ fún dímọ́réèjì, ìyẹn owó ọjọ́ tó fi pẹ́ jù. Tí ẹnikẹ́ni ò bá lépa owó yẹn, kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Àwọn mẹ́ta ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, a sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ mú mi rìn yíká ọ́fíìsì.

Nígbà tó yá, àtẹ̀jíṣẹ́ dé lórí Wátsáàpù: «Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ilé iṣẹ́ náà ti mú ẹlòmíràn tí ìrírí rẹ̀ pọ̀ jù. A ò ní gbàgbé yín.»

Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ nípasẹ̀ ájẹ́ńsì rí ní Èkó mọ gbólóhùn yìí bí ẹni mowó. Kì í ṣe irọ́ dandan, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn tó jókòó síwájú mi kọ máàkì àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí ìwé. Ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kó tiwọn jọ, ó gé e kúrú, ó fi ránṣẹ́ sí ájẹ́ńsì. Ájẹ́ńsì wá bu ṣúgà sí i kó tó dé etí mi. Wọn ò fẹ́ kí n bínú, wọn ò sì fẹ́ kí n máa pe ẹni tó ń sanwó fún wọn láti lọ bá a jà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi lọ́wọ́, torí àwọn fúnra wọn nílò rẹ̀. Tí oníbàárà wọn bá kọ ẹnì kan, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó lè fi ẹni tó dára jù ránṣẹ́. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn.

Mi ò fèsì lórí Wátsáàpù ju «ẹ ṣeun mà» lọ. Kò sí ẹni tó máa tẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kiri. Ìpè ló dáa. Mi ò sì pè lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹni tí wọ́n mú ò bá tíì buwọ́ lùwé, wọ́n lè ṣì fi yín pamọ́ sí ipò kejì, ẹnu ájẹ́ńsì á sì wúwo. Àmọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí, wọ́n á ti gbàgbé, wọ́n á kàn hun nǹkan kan fún yín. Mo jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, lówùúrọ̀, kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

«Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mi ò pè láti jà o. Mo gbà pé wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe gbé mi kalẹ̀ níbòmíràn.»

«Ṣé ẹ rí i sà, ìrírí ẹnì kejì ló pọ̀ ju tiyín lọ.»

«Ìrírí nínú kí ni, mà? Ṣé nínú owó kọ̀ǹtẹ́nà ni, àbí nínú ìṣirò owó fúnra rẹ̀, àbí ní ti lílo kọ̀ǹpútà?»

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ó ń tẹ nǹkan. «Ẹ jẹ́ kí n ṣí ímeèlì wọn.»

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Tí mo bá ní «kí ló dé tí wọn ò mú mi?», àbò ni yóò máa ṣe fún oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí mo to nǹkan mẹ́ta síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan, ó ní láti lọ wò ó. Nǹkan mẹ́ta ló sì kà fún mi lóòótọ́. Àkọ́kọ́, pé mo mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò fún wọn ní iye kankan. Èkejì, pé Ìkòròdú ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 7:30 ní Àpápá. Ẹ̀kẹta, pé mi ò mọ Sage lò, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó.

Lórí èyí àkọ́kọ́, mo béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn tàbí bó ṣe yé òun. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, torí ájẹ́ńsì máa ń fi èrò tirẹ̀ lú ọ̀rọ̀ oníbàárà láìmọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tiwọn ni. Ó yé mi: wọ́n ti béèrè bí mo ṣe ń lépa owó ìdógò, mo sì ṣàlàyé ìgbésẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹtẹ́nà bá ti padà títí owó fi wọlé. Iye owó tó wà níta nígbà tí mo débẹ̀ àti iye tó kù nígbà tí mo kúrò ni wọ́n ń retí. Mo ní iye yẹn lórí ìwé. Nísinsìnyí òun ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ.

Èkejì ni mo gbádùn jù, torí kò sí ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀ nínú íntáfíù rárá. Wọ́n wo àdírẹ́sì, wọ́n rántí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Máìlì 12 sí Kétu, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wọ̀ ní Ìpakodò, mo máa ń sọ̀ ní Marínà, láti ibẹ̀ kì í ṣòro láti sọdá sí Àpápá. Irú iyèméjì báyìí kì í jáde sójú ẹni. Ẹnu ájẹ́ńsì nìkan lẹ ti lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta wá ni ìdí ìràwọ̀ tí mo yọ. Sage ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Mo bi arábìnrin náà pé níbo ni wọ́n ti rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ó ní, «Nínú sífíì yín ni sà, kò sí níbẹ̀.»

«Ẹ dákun mà, ṣé ẹ lè fi èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn ránṣẹ́ sí mi?»

Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ránṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí ò bá tíì ríru ẹ̀ rí lè má mọ̀ pé sífíì tí ẹ fún ájẹ́ńsì kọ́ ni ilé iṣẹ́ máa ń rí. Wọ́n á tún un tẹ̀ sórí ìwé tó ní orúkọ tiwọn, wọ́n á yọ nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì yín kúrò, kí oníbàárà má baà gba ẹ̀yìn wọn pè yín. Ìyẹn ò burú, owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń tún tèmi tẹ̀, apá ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí mo kọ Sage àti Excel sí, ti bọ́ sọnù. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́, wọ́n sì gé e níbi tí ìwé parí sí. Ìwé tí mi ò tíì fojú rí ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́.

Tí ájẹ́ńsì tiyín bá ń lọ́ra, Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa yín. Mi ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Ẹni tó bá fi òfin ṣí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń bá a wáṣẹ́ ti ba nǹkan jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin náà bẹ̀bẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ Àpápá náà. Ẹni tí wọ́n mú ti buwọ́ lùwé. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan tí mo máa ń fi parí irú ọ̀rọ̀ báyìí: tí àyè bá tún ṣí níbẹ̀, ṣé wọ́n ṣì lè fi mí lọ? Ó dáhùn kíá: «Háà, ẹ̀yin mà ni ìkejì sà.» Bí ẹni náà ṣe yára dáhùn máa ń sọ púpọ̀. Ẹni tó bá ń fà á gùn ní «a ó wò ó» ní ohun tí kò tíì sọ.

Ẹ má rò pé gbogbo ìgbà ló ń rí báyìí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ò ní sọ nǹkan kan fún ájẹ́ńsì ju «rárá» lọ. Àwọn mìíràn ti ní ẹni tiwọn láti inú ilé, ìdí tí wọ́n fún ájẹ́ńsì jẹ́ ohun tí wọ́n wá láti fi bò ó. Torí náà ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ níbì kan ṣoṣo, mo máa ń dúró kí n gbọ́ ọ níbòmíràn kí n tó yí ìwà padà, àyàfi tó bá jẹ́ ohun tí mo lè fi ìwé yẹ̀ wò, bíi ti Sage yìí. Ẹ má sì pe ilé iṣẹ́ náà fúnra yín. Tí ájẹ́ńsì bá gbọ́, wọ́n á gbà pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀yìn wọn, orúkọ yín ò sì ní jáde nínú fáìlì mọ́.

Wọ́n ti tún ní kí n wá fún iṣẹ́ mìíràn ní Ìlúpéjú. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi sífíì tí wọ́n fẹ́ fi lọ hàn mí, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Tí wọ́n bá sọ ìyẹn di ìṣe fún gbogbo ẹni tí wọ́n ń rán lọ, màá fi ìràwọ̀ kan kún un.