Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń ra oúnjẹ lórí áàpù ní São Paulo: ẹ má ki káàdì yín bọ ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní São Paulo, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra láti wá rajà ní Brás, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún réàlì ó dín mẹ́wàá lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń gbé, nítorí oúnjẹ tí owó rẹ̀ kò tó àádọ́ta réàlì, oúnjẹ tó ti sanwó rẹ̀ tán kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti sè é. Ẹnikẹ́ni kò yọ ìbọn sí i. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀.

Àbúrò mi kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Ó ti lo oṣù mẹ́rin níbí, ó ti gba CPF, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń san owó orí níbí, ó ti ṣí àkáǹtì, ó sì gba yàrá kan ní República, kò jìnnà sí Rua 24 de Maio tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti ń tajà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó fi áàpù ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹran. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ R$ 48,90. Ó sanwó náà lórí áàpù, báńkì yọ ọ́, ó sì rí i lójú fóònù pé wọ́n ti ń se oúnjẹ. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe: nígbà tó ń kọ àdírẹ́sì, ó kọ orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé, ó sì fi àyè tí wọ́n pè ní Complemento, níbi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà yàrá sí, sílẹ̀ lófìfo. Ilé tó ń gbé sì ju ọgọ́ta yàrá lọ.

Nígbà tí ọlọ́kadà tó gbé oúnjẹ dé, ó pè é. Àbúrò mi ò tíì gbọ́ èdè Potogí dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló já mọ́ ọn létí, àdírẹ́sì àti owó. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó ní ọmọkùnrin náà bọ̀wọ̀ fún òun gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn án, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àdírẹ́sì kò pé, òun ti yípo ilé náà títí, nítorí náà owó ìgbóúnjẹ ti fi R$ 4,99 lé sí i. Ó wá yọ ẹ̀rọ káàdì jáde, irú èyí tí àwọn oní-pí-ó-ẹ̀sì ń lò nílé. Ojú ẹ̀rọ náà ti fọ́, ó sì ṣókùnkùn. Àbúrò mi fẹ́ fi káàdì kàn án lásán, ọmọkùnrin náà ní ìyẹn kò ṣiṣẹ́, kó kì í bọ̀ ọ́. Ó kì í bọ̀ ọ́, ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ọmọkùnrin náà ní kò kọjá, kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé oúnjẹ fún un. Oúnjẹ náà pé, ó sì ń gbóná.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Báńkì fi àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀, kó tó gun àtẹ̀gùn padà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni:

```
Compra aprovada
R$ 4.990,00
```

Compra aprovada ni pé owó ọjà ti kọjá. Ó kà á. Lójú tiwa tí a kọ́ ìṣirò nílé, réàlì mẹ́rin àti díẹ̀ nìyẹn. Ó bá iye tí ọmọkùnrin yẹn dá mu. Ó jẹun, ó sùn. Kò mọ̀ títí di ìdájí ọjọ́ kejì tó lọ sanwó aṣọ ní Brás, tí wọ́n ní káàdì rẹ̀ kò lówó nínú. Ìgbà yẹn ló pè mí, tó ń sunkún, tó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí o, owó ọjà ti lọ.”

Ní Bùràsíìlì, kọ́mà ló ń ya réàlì kúrò lára sẹntáfò, tí í ṣe kọ́bọ̀ tiwọn. Pọ́ìntì ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Òdìkejì tiwa ni pátápátá. R$ 4,99 kò tó réàlì márùn-ún. R$ 4.990,00 ń lọ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ má wo ibi tí pọ́ìntì wà rárá. Ẹ wo kọ́mà, kí ẹ ka iye nọ́ńbà tó wà ṣáájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, kò tó réàlì mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Bí àbúrò mi bá mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ náà, ì bá ti pe báńkì kí ọlọ́kadà yẹn tó kúrò ní títì.

Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ fọ́ ni irinṣẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an. Nígbà mìíràn wọ́n á fi àtàǹpàkò bo ìparí nọ́ńbà náà, tàbí kí wọ́n fi bébà lẹ̀ ẹ́ lójú. Ohun kan tún wà tó yẹ kó ta yín lólobó. Ní ọ̀pọ̀ báńkì ibí, bí owó kò bá tó igba réàlì, ẹ kàn máa fi káàdì kan ẹ̀rọ ni, kò ní béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn ní senha. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní réàlì márùn-ún lòun ń gbà, tó tún ní kí ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́ kí ẹ sì tẹ senha, ẹ yọ káàdì yín. Káàdì tí ẹ gbà ní Nàìjíríà lè béèrè nọ́ńbà fún iye yòówù, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ìyẹn kò ní rí àmì yìí. Tiyín ni kí ẹ má kì í bọ̀ ọ́ rárá.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tó gbà láti kì í bọ̀ ọ́. Ìdí ni pé ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun àjèjì lẹ́nu ọ̀nà níbí. Bí ẹ bá ń rajà lórí áàpù, wọ́n á bi yín bóyá ẹ máa san án lójú áàpù tàbí nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, èyí tí wọ́n kọ ní Pagar na entrega. Ẹni tó bá yan èkejì, ọlọ́kadà gidi máa gbé ẹ̀rọ wá bá a, kò sì sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Abẹ́ àṣà yẹn ni àwọn gbájúẹ̀ sá sí. Ẹni tó bá ti sanwó lójú áàpù kò jẹ ọlọ́kadà ní kọ́bọ̀ kan mọ́. Bí owó kan bá ṣẹ́ kù lóòótọ́, ojú áàpù náà ni yóò ti hàn. Kódà owó ọ̀fẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ lè fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ sanwó lẹ́nu ọ̀nà dandan, owó bébà ni kí ẹ yàn, Dinheiro, kí ẹ kọ iye tí ẹ máa mú dání síbi tí wọ́n kọ Troco sí, kí ó lè mú ṣẹ́ńjì wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àdírẹ́sì, torí òun ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ. CPF kò sí nínú rẹ̀, ẹ má fi fún ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí àdírẹ́sì ń fẹ́ ni orúkọ títì, nọ́ńbà ilé, Complemento, orúkọ àdúgbò, àti CEP, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ. Inú Complemento ni yàrá yín wà: bí ilé bá ní bílọ́ọ̀kù, ẹ kọ ọ́ báyìí, Bloco B, Apto 72. Orúkọ títì kan náà lè wà ní São Paulo, kó tún wà ní Guarulhos tàbí Osasco tó bá a pààlà, torí náà CEP ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí áàpù fúnra rẹ̀ gbé orúkọ títì jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àmì tó wà lórí máàpù, torí ó máa ń bọ́ sí títì ẹ̀yìn nígbà mìíràn. Ẹ fi ọwọ́ fà á wá sẹ́nu ọ̀nà gan-an. Bí gbogbo èyí bá pé, ẹni tó bá ní àdírẹ́sì yín kò pé ti parọ́, ẹ sì mọ̀.

Ní ti èdè, ẹ má gbìyànjú láti jiyàn. Ẹ di gbólóhùn yìí mú sínú fóònù yín, kí ẹ fi hàn án, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ nínú áàpù:

```
Já paguei pelo app. Não pago nada na entrega.
```

Ohun tó ń sọ ni pé mo ti sanwó lójú áàpù, n kò san nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí ilé yín bá ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti gba oúnjẹ. Bí ọlọ́kadà bá kọ̀ láti gbé oúnjẹ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ, kí ẹ wọlé, kí ẹ sì fẹjọ́ sun lórí áàpù.

Wọ́n tún ní ọ̀nà mìíràn. Ẹnìkan lè pè yín bí ẹni pé ilé oúnjẹ ló ti ń pè, kó ní ọlọ́kadà àkọ́kọ́ ti ṣubú lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn ń gbé e bọ̀, ẹ máa san owó kékeré kan fún un. Ẹ̀rọ kan náà ni ẹlòmíràn yẹn máa gbé wá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi Pix, ètò fífi owó ránṣẹ́ láti inú áàpù báńkì, san án dípò káàdì, ẹ rántí pé Pix máa ń fi orúkọ ẹni tó fẹ́ gba owó hàn kí ẹ tó jẹ́ kó lọ. Orúkọ ènìyàn tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ máa bá níbẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró di àárọ̀. Inú áàpù báńkì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ti káàdì pa, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún báńkì pé ẹ̀ ń tako owó yẹn, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ lè kọ ẹ̀sùn ọlọ́pàá, Boletim de Ocorrência, lórí ìkànnì Delegacia Eletrônica láì dé àgọ́ wọn. Bó bá jẹ́ Pix ni wọ́n fi gbà á, ẹ sọ fún báńkì yín pé MED lẹ fẹ́, ètò ìdápadà owó tí báńkì àpapọ̀ Bùràsíìlì dá sílẹ̀ ní 2021. Ọgọ́rin ọjọ́ lẹ ní láti béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́, àwọn olè ti kó owó kúrò nínú àkáǹtì yẹn.

Ti àbúrò mi, káàdì ni. Báńkì kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní káàdì gidi àti senha gidi ni wọ́n lò, ẹ̀bi rẹ̀ ni. A kó àwòrán àlẹ́ẹ̀tì, ìwé ẹ̀rí pé ó ti san R$ 48,90 lójú áàpù, àti ìwé ọlọ́pàá lọ sí Procon, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà títí di òní tí mò ń kọ èyí.